Ìgò 70, fóònù 40: báwo ni a ṣe ń ṣírò iná tí kíóṣìkì sólà yóò jẹ lójúmọ́?

Oníkíóṣìkì Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní kíóṣìkì onípáànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Ìsẹ́yìn, níbi tí mo ti ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣájì fóònù fún àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́jà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Epo ti wọ́n débi pé èrè orí fóònù kò tó nǹkan mọ́. Mo fẹ́ yí sí sólà, kí n sì fi fíríìsà kékeré kan kún un, kí n lè máa ta omi inú ọ̀rá àti mínírà tútù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti gbà láti yá mi lówó, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ ètò òwò wá, apá kan nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iye iná tí òwò náà yóò jẹ lójúmọ́ àti bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta pánẹ́ẹ̀lì ní 2 ti tó mi, èkejì ní kò lè dín ní 8. Kò sí èyí tó bi mí léèrè iye fóònù tí mò ń ṣájì nínú àwọn méjèèjì.

Èmi fúnra mi ti ka ohun tí mo lè kà. Fún ọjọ́ 10 nínú oṣù kẹta, mo ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé fún gbogbo fóònù tó bá wọlé. Ní ọjọ́ lásán, nǹkan bí 40 ni: 26 jẹ́ fóònù ńlá, 12 jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, 2 sì jẹ́ páwà báǹkì. Ní ọjọ́ ọjà, wọ́n di 61: ńlá 40, kékeré 18, páwà báǹkì 3. Ní ti ohun mímu, ìyá tó ń fi yìnyín ta tirẹ̀ lódìkejì títì jẹ́ kí n jókòó tì òun. Ó ń ta nǹkan bí 70 lọ́jọ́ lásán àti 120 lọ́jọ́ ọjà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ìwọ̀n 50 cl. Aago méje òwúrọ̀ ni mo ń ṣí, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo ń tì. Ẹ jọ̀wọ́, láti orí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, báwo ni n ó ṣe dé orí iye iná?

Onígbàjámọ̀ Ọ̀ṣogbo

Màmá, ẹ kú ìgbìyànjú. Ínfátà ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Nígbà tí mo gbé fíríìjì sínú ṣọ́ọ̀bù mi, ínfátà 1 kVA tí mo ní kò gbé e rárá. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá fẹ́ dìde ni gílóòbù yóò ṣẹ́jú, ínfátà yóò ké, yóò sì kú, bẹ́ẹ̀ wáàtì 110 péré ni wọ́n kọ sẹ́yìn fíríìjì náà. Nígbà tí mo ra 2.5 kVA ni ara tù mí. Ẹ kọ 2.5 kVA sínú ìwé yín, ìyẹn ni iye iná tí ẹ ó máa jẹ.

Aláṣírò Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe ìṣirò náà, mà. Bí fíríìsà yín bá jẹ́ wáàtì 120, tí ó sì wà lórí iná fún wákàtí 24, ẹ ó sọ 120 di ìlọ́po 24, ìyẹn wáàtì-wákàtí 2,880. Ṣájà fóònù ńlá ìsinsìnyí jẹ́ wáàtì 33, ó sì ń gbà tó wákàtí méjì kí fóònù tó kún. Fóònù 40 yóò wá jẹ́ 2,640. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó di 5,520. Ẹni tó sọ pé pánẹ́ẹ̀lì 8 kò jìnnà sí òótọ́.

Ayíwáyà Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ pé ẹ ka iye oníbàárà kí ẹ tó béèrè, mà, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í kà á. Ohun tí ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀ sọ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá ń dìde, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan ju iye tí wọ́n kọ sí i lára lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ínfátà sì gbọ́dọ̀ lè gbé e. Ṣùgbọ́n ìyẹn dà bí ìgbà tí a ń sọ bí ẹnu páìpù ṣe fẹ̀ tó. Iye kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹ ó pọn láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì ni alájẹṣẹ́kù ń béèrè, kVA kò sì lè dáhùn ìyẹn.

Àbúrò wa láti Ọ̀yọ́ mọ ọ̀nà, àmọ́ ó yà bàrá níbi méjì. N ó sọ ti fóònù, n ó sì fi ti fíríìsà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Wáàtì 33 tó wà lára ṣájà jẹ́ èyí tó lè tú jáde nígbà tí bátìrì fóònù ṣófo, kì í ṣe ohun tó ń tú jáde fún wákàtí méjì gbáko. Kò sí bí fóònù ṣe lè mu ju ohun tí bátìrì rẹ̀ gbà lọ. Ẹ wo ara bátìrì tàbí inú àlàyé fóònù: ọ̀pọ̀ fóònù ńlá ìsinsìnyí jẹ́ 5000 mAh. Bátìrì náà jẹ́ fóltì 3.85, nítorí náà ohun tó lè gbà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí wáàtì-wákàtí 19. Oníbàárà yín kì í sì í mú un wá pẹ̀lú òfìfo. Ó máa ń wá nígbà tí ó bá ku díẹ̀, ó sì máa ń gbà á lọ kí ó tó kún, nítorí ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Bí a bá ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó gbà, ìyẹn jẹ́ 14.5. Díẹ̀ máa ń ṣòfò sínú wáyà, ṣájà àti bátìrì fóònù fúnra rẹ̀, ìyẹn ni ooru tí ẹ máa ń fọwọ́ kàn lẹ́yìn fóònù. Ẹ fi 0.75 pín 14.5, yóò di nǹkan bí 19. Ẹ kọ 20 kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kì í ju 1000 mAh lọ púpọ̀, 5 tó o. Páwà báǹkì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èyí tí wọ́n bá kọ 20000 mAh sí, tí ó sì jẹ́ òótọ́, yóò gba nǹkan bí 100 lórí iná yín. Ó ju fóònù kékeré 19 lọ, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń gbà lórí méjèèjì. Ìṣirò ọjọ́ lásán yín nìyí: 26 lọ́nà 20 jẹ́ 520, 12 lọ́nà 5 jẹ́ 60, 2 lọ́nà 100 jẹ́ 200. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 780. Ọjọ́ ọjà yóò jẹ́ 1,190.

Aláṣírò Ọ̀yọ́

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Mo ti lọ wo ẹ̀yìn fóònù mi, 5000 mAh náà ni. Ṣé ti fíríìsà náà kò wá tó 2,880 ni?

Onífíríìjì Abẹ́òkúta

Kò tó o, àmọ́ èyí tí àwọn kan máa ń kọ síwájú alájẹṣẹ́kù kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí màmá fara balẹ̀ sí. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kì í ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24. Bí inú fíríìsà bá ti tutù tó, yóò sinmi, bí ooru bá wọlé, yóò tún dìde. Nítorí náà 120 lọ́nà 24 ga jù. Àwọn mìíràn á wá gba ìwé tó bá fíríìsà wá láti ilé iṣẹ́, níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ lọ́dún sí, wọ́n á fi 365 pín in, wọ́n á sì rí nǹkan bí 500 lójúmọ́. Wọ́n á yọ̀. Inú yàrá tí kò gbóná tó kíóṣìkì onípáànù ni wọ́n ti wọn ìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń kó ìgò gbígbóná 70 sínú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìgò ni ọ̀rọ̀ wà. Fíríìsà ilé, oúnjẹ tó ti tutù ló ń tọ́jú. Fíríìsà ọjà, omi tuntun ló ń tutù láràárọ̀, gbogbo ìgò tí ẹ bá sì tà ni òmíràn tó gbóná yóò rọ́pò. Ìgò 50 cl kan jẹ́ ìdajì kílò omi. Bí ó bá wà ní dígírì 30 tí ẹ sì fẹ́ kó dé 6, ẹ ó yọ ooru dígírì 24 kúrò lára rẹ̀. Kílò omi kan ń béèrè kílòjúùlù 4.19 fún dígírì kan, kílòjúùlù 3.6 sì ni wáàtì-wákàtí kan, nítorí náà ìyẹn jẹ́ wáàtì-wákàtí 14 ti ooru. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kékeré nínú kíóṣìkì tó gbóná lè kó ooru tó tó 1.4 jáde fún iná 1 tó bá jẹ, nítorí náà iná tí ìgò kan ń jẹ jẹ́ 10:

```
0.5 × 4.19 × 24 ÷ 3.6 = 14
14 ÷ 1.4 = 10
```

Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó láti rántí: ìgò kan, 10. Omi inú ọ̀rá náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìdajì lítà kan náà ni. Ìgò 70 jẹ́ 700, ìgò 120 jẹ́ 1,200. Ohun tí fíríìsà ń jẹ nígbà tó ṣófo tí ó sì wà ní títì, ìyẹn ooru tó ń gba ara rẹ̀ wọlé, ni ẹ ó wá fi kún un. Ìyẹn ni n kò lè sọ fún yín láti Abẹ́òkúta, ẹ ní láti wọ̀n ọ́n. Ẹ ya mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń kọ kWh sójú rẹ̀. Ẹ so fíríìsà tí ẹ fẹ́ rà mọ́ ọn nínú kíóṣìkì yín gan-an, ẹ má ṣe é nínú pálọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tutù fún ọjọ́ kan, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí 24.

Ará Kétu

Ẹ kú o, láti Kétu níbí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Èmi náà ń ta ohun mímu lórí sólà, mo sì fẹ́ fi nǹkan kan kún un. N kì í fi bátìrì gbé fíríìsà mi lóru. Ìgò oníke 10 ni mo fi omi kún, wọ́n sì máa ń dì nínú fíríìsà lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá mú. Bí mo bá ti tì ní alẹ́, mo máa ń pa fíríìsà, n ó da aṣọ ìbora tó nípọn lé orí ìdérí rẹ̀, n kò sì ní ṣí i títí di òwúrọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, omi yóò ti yọ́ lápá kan nínú ìgò wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n mínírà ṣì máa ń tutù. Ìyẹn ni pé iná fíríìsà lóru jẹ́ òdo. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò.

Onífíríìjì Abẹ́òkúta

Ọgbọ́n tó dára ni, mo sì ti rí i tó ṣiṣẹ́. Kílò yìnyín kan, kó tó yọ́ tán, ń gba ooru wáàtì-wákàtí 93. Ìgò yín 10 jẹ́ kílò 5, ìyẹn nǹkan bí 465, ó sì lè gbé fíríìsà kékeré tó dára di òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò yọ iná náà kúrò, ọ̀sán lẹ kàn gbé e lọ. Yìnyín tó yọ́ lóru gbọ́dọ̀ dì padà lọ́jọ́ kejì, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ni yóò sì ṣe é. Nítorí pé ó ní láti tutù ju dígírì 6 lọ fíìfíì kí omi tó lè dì, iná tó jẹ lórí rẹ̀ a tilẹ̀ máa pọ̀ díẹ̀ sí i. Bátìrì ni ọgbọ́n yìí ń dín kù, kì í ṣe iye iná ọjọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí mínírà onígíláàsì súnmọ́ apá ibi tí omi ti ń dì, nítorí yóò là.

Oníkíóṣìkì Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Mo ti wọ̀n ọ́n. Ilé epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbà kí n fa wáyà láti ọ̀dọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́rin, mo sì san owó fún wọn. Ẹni tó fẹ́ ta fíríìsà fún mi ló yá mi ní èyí tí mo fẹ́ rà gan-an, ó jẹ́ lítà 100, ìdérí rẹ̀ sì wà lórí.

Ọjọ́ kìíní, mo jẹ́ kó tutù lásán. Ọjọ́ kejì, mo tì í láìsí nǹkankan nínú rẹ̀ láti aago méje òwúrọ̀ di aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Ohun tí mítà kọ jẹ́ 0.64 kWh, ìyẹn wáàtì-wákàtí 640. Ọjọ́ kẹta, mo kó ìgò 70 sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tajà: bí mo bá yọ èyí tó tutù, n ó fi èyí tó gbóná rọ́pò rẹ̀. Mo retí 1.34, ìyẹn 0.64 àti 0.70. Mítà kọ 1.41. Mo ronú lé ìyàtọ̀ 0.07 yẹn, mo sì rí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ọmọ mi ń ṣí ìdérí sílẹ̀ tí yóò máa wá mínírà tí oníbàárà fẹ́. Èkejì, mo to àwọn páálí mínírà sí ìta níwájú kíóṣìkì, oòrùn sì ń pa wọ́n. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ìgò kan ní aago méjì ọ̀sán, ó gbóná ju ara mi lọ. Ìyẹn kì í ṣe dígírì 30 tí ẹ fi ṣe ìṣirò.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé páálí náà sí abẹ́ tábìlì nínú òjìji, mo sì kọ orúkọ mínírà kọ̀ọ̀kan sí apá tó wà nínú fíríìsà. Ìgò 70 náà ni mo tún kó sínú rẹ̀, mítà sì kọ 1.35.

Onífíríìjì Abẹ́òkúta

Màmá, inú mi dùn gidigidi sí èyí. Ẹ kọ 1.41 sínú ètò yín, ẹ má kọ 1.35, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ọmọ yóò rántí. Ọ̀rọ̀ àkókò tí ẹ ń kó ọjà sínú rẹ̀ náà tún wà. Nígbà kan tí mo ń tajà fúnra mi, mo máa ń kó mínírà tuntun sínú fíríìsà ní aago méje alẹ́, kí n tó tì, kí ó lè tutù di òwúrọ̀. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ lóru mọ́jú, àwọn ará ilé á sì gbọ́ tí ínfátà ń ké ní aago mẹ́ta òru. Mo dá bátìrì lẹ́bi, mo sì pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí padà. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà sínú rẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án sí aago méjì ọ̀sán, tí oòrùn ń gbé ẹrù náà fúnra rẹ̀, ni igbe náà dákẹ́. Iná ọjọ́ kan náà ni, àkókò tí ẹ jẹ ẹ́ ló yàtọ̀.

Ayíwáyà Ìbàdàn

Ó ku nǹkan kan tí kì í hàn sójú: ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ iná láìgbé nǹkankan. Mo wọ̀n ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi lánàá. Mo yọ gbogbo nǹkan kúrò lára rẹ̀, mo sì fi mítà kan wáyà bátìrì. Ó ń fa ámúpù 1.2 ní fóltì 12.6, ìyẹn wáàtì 15. Fún wákàtí 24 ó jẹ́ 360, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iná gbogbo fóònù yín. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí fóònù gba inú ínfátà kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ojú ìṣájì yuu-ẹs-bíì mọ́ ara bátìrì tààrà, kí fíríìsà nìkan máa gba inú ínfátà. Bí ẹ bá rí fíríìsà tó ń lo fóltì 12 tààrà, ínfátà lè kúrò pátápátá, àmọ́ ó wọ́n.

Ọjọ́ lásán nínú oṣù kẹta wá rí báyìí. Fóònù jẹ́ 780. Fíríìsà jẹ́ 1,410, ẹ fi 0.9 pín in nítorí òfò inú ínfátà, ó di 1,570. Ínfátà lásán jẹ́ 360. Gílóòbù wáàtì 7 méjì fún wákàtí mẹ́rin alẹ́ jẹ́ 56, fáànù kékeré fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 120. Àpapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,890. Bí ẹ bá ṣe bákan náà fún ọjọ́ ọjà, yóò jẹ́ nǹkan bí 3,850.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Mo ti jókòó níbi tí a ti ń ka irú ìwé yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ẹgbẹ́ mìíràn. Ohun tó máa ń mú kí a dá ìwé padà ni nọ́ńbà tí a kò mọ ibi tó ti wá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ka fóònù, ẹ kọ ohun tí mítà kọ, kí ẹ sì ya èyí tí ẹ wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ fojú bù. Mo ní ìbéèrè kan tí n ó bi yín bí ó bá jẹ́ èmi ni: oṣù kẹta ni ẹ kà. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹjọ nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú?

Aláṣírò Ọ̀yọ́

Èyí rọrùn. Oòrùn oṣù kẹjọ ló kéré jù, nítorí náà ẹ fi iná tó pọ̀ jù, 3,850, ṣe ìṣirò pẹ̀lú oòrùn tó kéré jù. Bí a bá ní wákàtí oòrùn kíkún 3.5, ìyẹn wákàtí tí pánẹ́ẹ̀lì ì bá fi tú gbogbo wáàtì rẹ̀ jáde lójúmọ́, tí ìdá 30 nínú 100 sì ṣòfò sínú ooru, eruku, wáyà àti bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ jẹ́ wáàtì 1,570.

Ayíwáyà Ìbàdàn

Ìṣirò rẹ péye, àbúrò mi, àmọ́ o so ọjọ́ méjì tí kì í pàdé pọ̀. Ìgbà tí oòrùn bá mú ni èèyàn ń mu omi tútù. Nínú oṣù kẹjọ tí ooru rọlẹ̀, ta ni yóò ra ìgò 120? Màmá, ẹ bi ìyá tó wà lódìkejì títì yín léèrè iye tó ń tà nígbà òjò. Oṣù kọ̀ọ̀kan ni kí a bá oòrùn tirẹ̀ ṣírò. Lórí ìkànnì PVGIS, ẹ lè fọwọ́ kan Ìsẹ́yìn lórí máàpù, yóò sì fi oòrùn oṣù kọ̀ọ̀kan hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Oníkíóṣìkì Ìsẹ́yìn

Mo bi í. Ó ní bí òjò bá ti gbilẹ̀, òun kì í ta ju 40 lọ lọ́jọ́ lásán, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀.

Ayíwáyà Ìbàdàn

Ó dára. Nínú oṣù kẹjọ, ìgò yóò wà ní nǹkan bí dígírì 26 kó tó wọ fíríìsà, kò ní ju 8.3 lọ fún ìgò kan. Ìgò 40 jẹ́ 330. Mo fojú bu 500 fún fíríìsà lásán nítorí kíóṣìkì kò gbóná, mo sì fi 70 kún un fún ìdérí ṣíṣí. Ó jẹ́ 900, ó di 1,000 lẹ́yìn òfò ínfátà. Fóònù 780, ínfátà 360, gílóòbù 56, kò sí fáànù. Àpapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,200. Oòrùn 3.5 àti òfò ìdá 30 ń béèrè pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 900. Ọjọ́ lásán oṣù kẹta, 2,890 pẹ̀lú oòrùn 5, ń béèrè nǹkan bí 830. Ọjọ́ ọjà oṣù kẹta ń béèrè 1,100. Ẹ rí i pé oṣù méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì sí èyí tó dé 1,570. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 400 mẹ́ta yóò gbé gbogbo rẹ̀.

Onífíríìjì Abẹ́òkúta

N kò fara mọ́ ọn pé kí ọjọ́ ọjà tó ń yí po lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan mú kí màmá ra pánẹ́ẹ̀lì kẹta. Pánẹ́ẹ̀lì 450 méjì tó ọjọ́ lásán. Lọ́jọ́ ọjà, kó ra yìnyín lọ́wọ́ oníyìnyín, kó kó ìgò 50 tó lé sínú kúlà, iná wọn kò ní wọ ìṣirò rárá.

Ayíwáyà Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, owó yìnyín yóò máa jáde lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan fún ọdún pípẹ́ tí pánẹ́ẹ̀lì yóò fi wà lórí òrùlé. Bí eruku ọyẹ́ bá sì bo pánẹ́ẹ̀lì méjì yẹn nínú oṣù kìíní, kò ní sí àyè kankan. Mo dúró lórí mẹ́ta.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Kí màmá kọ ọ̀nà méjèèjì sínú ìwé pẹ̀lú owó kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ fẹ́ràn láti rí i pé ẹni tó ń yá owó ti rò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn lórí èyí: ṣé fóònù 40 náà ni yóò máa wá nínú oṣù kẹjọ?

Oníkíóṣìkì Ìsẹ́yìn

Ìbéèrè yẹn gbà mí lọ́kàn, alàgbà, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, ìjì máa ń wó òpó iná lápá ọ̀dọ̀ wa, àdúgbò kan sì lè wà láìníná fún ọ̀sẹ̀ kan. Irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú fóònù, àmọ́ n kò kà wọ́n lọ́dún tó kọjá. Mo ti fi bíírò kọ gbogbo apá yòókù tán: 2,890, 3,850, àti ohun tí mítà kọ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní iwájú fóònù oṣù kẹjọ, mo fi pẹ́ńsùlù kọ 50. Bí ó bá jẹ́ 50 lóòótọ́, 780 yóò di 975, pánẹ́ẹ̀lì oṣù kẹjọ yóò sì súnmọ́ wáàtì 1,000, ìyẹn ni pé méjì tó jẹ́ 450 kò ní tó. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín tó ń ṣájì fóònù ní Òkè-Ògùn bá ní ìwé tó kà lóṣù òjò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi iye tó wà níbẹ̀ kí n tó fi bíírò tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ ń jókòó.